Orí Kẹrin: Láti Ẹnu dé Ẹ̀dọ̀fóró

Ní ọdún 1912, dókítà ará Niu Yọ́ọ̀kì kan tó ń jẹ́ Isaac Adler tẹ ìwé jáde lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí ènìyàn jókòó kọ odindi ìwé lórí àrùn tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, dókítà lè fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó má rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Kò tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà tí àrùn yìí fi wà nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń pa ọkùnrin jù lọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á báyìí: tábà ni.

Ṣùgbọ́n tábà kì í ṣe nǹkan àná. Ní aṣálẹ̀ Yútà ní Amẹ́ríkà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí hóró tábà tó ti jóná nínú ààrò kan tí àwọn ọdẹ dá ní nǹkan bí ọdún 12,300 sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbàanì ti ń fa á, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n sì ń fín in símú, kí ọkọ̀ òkun òyìnbó kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ará Yúróòpù pàápàá ti fi ìkòkò fa tábà fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí Adler tó kọ ìwé rẹ̀. Bí tábà bá ti ń pa ènìyàn báyìí láti ọjọ́ yìí, kí ló dé tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi dúró di ọ̀rúndún ogún kó tó gbòde?

Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé ewé náà kọ́ ló yí padà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sá a ló yí padà, lẹ́yìn náà iye owó tí wọ́n ń tà á. Èkíní gbé èéfín kúrò lẹ́nu lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì sọ fífà rẹ̀ di ohun ojoojúmọ́ fún gbogbo ayé.

Oúnjẹ àwọn ẹ̀mí

Oríṣi ewé tábà méjì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbìn jù. Ọ̀kan, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní rọ́sítíkà, kúrú, ó ní òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, nikotíìnì inú rẹ̀ sì le gan-an. Èkejì, tabákọ́ọ̀mù, ga ju ènìyàn lọ, ewé rẹ̀ fẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Èkejì yìí ló wà nínú gbogbo sìgá tí a ń rí lónìí. Nikotíìnì ni májèlé tí ewé náà ń ṣe ní gbòǹgbò rẹ̀, tó sì ń gbé lọ sínú ewé kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Tó bá dé inú ènìyàn, díẹ̀ rẹ̀ ń ta ọpọlọ jí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń mú kí ojú ṣú, kí ènìyàn bì, kó dá kú. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jù, ikú ni.

Àwọn àwòrò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lò ó. Lágbègbè ibi tí odò Orínókò ti ń wọ òkun, ní ilẹ̀ Fẹnẹsuẹ́là, àwọn Wàráò gbà pé ebi èéfín tábà ni ó máa ń pa àwọn ẹ̀mí ńlá, àti pé ènìyàn nìkan ló lè bọ́ wọn. Àwòrò wọn á wé ewé náà sínú èèpo ọ̀pẹ, á gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, á sì gbé èéfín rẹ̀ mì léraléra títí ojú rẹ̀ yóò fi kúrò láyé. Nínú ipò tó sún mọ́ ikú yìí ni wọ́n ti gbà pé ó ń rin ìrìn àjò lọ bá àwọn ẹ̀mí, tó sì ń padà wá pẹ̀lú agbára ìwòsàn. Ẹni tó bá kú, tó sì tún jí, kò sí ẹni tí kò ní gbà pé ó ti rí nǹkan.

Kí a má tan ara wa: irú ìlò yìí kò fara rọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ààlà tó yí i ká. Àwòrò nìkan ló ń lò ó dé ibẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ bá sì wà ni. Ní àríwá, láàárín àwọn ẹ̀yà tó ń gbé ní pápá ńlá Amẹ́ríkà, ìkòkò tábà mímọ́ máa ń jáde bí wọ́n bá fẹ́ dá májẹ̀mú tàbí kí wọ́n gbàlejò. Ìkòkò á yí ká láàárín àwọn àgbààgbà, èéfín á lọ sókè bí ẹbọ, wọ́n á sì gbé e padà sínú àpò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fa ogún lóòjọ́.

Nígbà tí Columbus gúnlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1492, àwọn ará erékùṣù fún un ní ewé gbígbẹ lọ́rẹ. Kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Oṣù kejì rẹ̀ ní Kúbà ni méjì nínú àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, Rodrigo de Jerez àti Luis de Torres, rí tọkùnrin tobìnrin tí wọ́n ń mú ewé wíwé tó ń jó lẹ́nu. Lórí erékùṣù Kúbà kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti bá ewé yìí pàdé nígbà tó yá. Títí dòní, èéfín sìgá ńlá wà lára ohun tí àwọn olórìṣà ibẹ̀ fi ń bọ Ẹlẹ́gbá àti Ògún.

Oògùn tó di owó

Ní Yúróòpù, oògùn ni tábà kọ́kọ́ jẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1560, Jean Nicot, aṣojú ọba Faransé ní Lísíbọ́ọ̀nù, fi í ránṣẹ́ sílé gẹ́gẹ́ bí ewé ìwòsàn. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti sọ nikotíìnì lórúkọ. Dókítà Nicolás Monardes ní ìlú Sẹ̀fíìlì sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń wo àìsàn tó lé ní ogún, láti ẹ̀fọ́rí dé orí aràn. Ẹni tí kò gbà ni Jémíìsì ọba Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìbáwí sí tábà ní 1604, tó sì bu owó orí ńlá lé e. Kò pẹ́ tí ìjọba fi rí i pé owó orí náà dùn ju ìbáwí lọ.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni oko. Ní nǹkan bí 1612, John Rolfe, ọ̀kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ebi ń pa kú lọ ní Fàjíníà, gbin hóró tabákọ́ọ̀mù tó wá láti ìhà Karíbíánì, nítorí rọ́sítíkà tí àwọn onílẹ̀ ń gbìn níbẹ̀ ta lẹ́nu jù fún àwọn òyìnbó. Ó ta lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Fàjíníà ti di oko tábà, wọ́n sì ń fi í san owó iṣẹ́ àti gbèsè. Ní 1619 ni ọkọ̀ kan kó àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tábà kì í tán: ènìyàn ní láti gbin hóró sí ibi ìdàgbà, kó lọ́ ọ, kó gé ṣóńṣó orí rẹ̀, kó máa fi ọwọ́ ṣa kòkòrò lára ewé, kó ká a, kó sì sá a. Ẹrú ni wọ́n fi ṣe é.

Ìká tábà láti Bàháyà

Ọ̀nà mìíràn ni tábà gbà dé ọ̀dọ̀ tiwa, orí òwò ẹrú kan náà ni ọ̀nà náà sì dúró lé. Ní ilẹ̀ tó yí etí òkun Bàháyà ká ní Bùràsíìlì, ní ìhà Kaṣuẹ́rà, àwọn àgbẹ̀ Potogí máa ń ṣa ewé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn èyí tó dára jù ni òfin ní kí wọ́n kó lọ sí Lísíbọ́ọ̀nù. Ó wá ku ewé ìsàlẹ̀, èyí tó já, tó kéré, tí ọjà Yúróòpù kọ̀.

Ewé kíkọ̀ yìí kò ṣe é jù nù. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á máa fi oje ìrèké dúdú tó ti ki rà á lára bí wọ́n ti ń ká a, wọ́n á sì fi awọ màlúù di ìká náà. Nítorí pé ewé ọ̀hún kò dára tó ni wọ́n ṣe ń fi oje ìrèké rà á lára ju èyí tó dára lọ, kó má baà gbẹ kó fọ́ wẹ́wẹ́ lójú òkun. Oje yìí ló mú kó dùn, kó rọ̀, kó sì ní òórùn tirẹ̀. Nígbà tó dé Wídà, àti lẹ́yìn náà Pọ́ọ̀tọ̀-Nóófò, Àgbádárìgì àti Èkó, àwọn oníbàárà kò fẹ́ òmíràn mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbìyànjú láti fi tábà tiwọn díje, ṣùgbọ́n ti Bàháyà ni àwọn ọlọ́jà ń béèrè.

Èrè ìfẹ́ yìí tóbi fún àwọn oníṣòwò Bàháyà. Àwọn Ọ̀lándì, tí wọ́n ti gba odi Ẹlimínà lọ́wọ́ Potogí ní 1637, kò jẹ́ kí ọkọ̀ Potogí kó ọjà Yúróòpù wá sí etí òkun yìí. Tábà Bàháyà nìkan ni wọ́n gbà á láyè láti gbé wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti yà ní Ẹlimínà láti san ìdá mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni ìká tábà tí Lísíbọ́ọ̀nù kọ̀ ṣe di owó tí wọ́n fi ń ra ènìyàn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń dà rú, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ilẹ̀ wa ni ọkọ̀ tó gbé tábà wá gbé padà lọ sí Bàháyà. Onímọ̀ Faransé Pierre Verger, tí Kétu fi Fátúmbí sọ lórúkọ, lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ láti fi ìtàn yìí hàn.

Ohun méjì ló yẹ kí a mú lọ síwájú láti inú ìtàn ìká tábà. Àkọ́kọ́, ṣúgà ń sọ ewé burúkú di ààyò. A ó tún pàdé ọgbọ́n yìí. Èkejì, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí i, ẹnu, imú àti ìkòkò ni tábà ń bá lọ. Èéfín rẹ̀ kò wọ ẹ̀dọ̀fóró lójoojúmọ́, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ọwọ́ àwọn tó ń lọ aáṣáà.

Ohun tí káún mọ̀

Ẹni tó bá ń lọ aáṣáà kì í lọ ewé nìkan. Ó ń fi káún sí i. Bí káún bá kéré, aáṣáà á kú lẹ́nu, kò ní ta. Bí ó bá tó, á dé orí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe pé káún fi nikotíìnì kún ewé. Ohun tó ṣe ni pé ó tú nikotíìnì sílẹ̀.

Nikotíìnì lè wà ní ipò méjì. Níbi tí káún tàbí ohun tó jọ ọ́ bá pọ̀ sí, ó máa ń dá dúró fúnra rẹ̀, ó sì lè ré kọjá awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹnu àti imú bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Níbi tí nǹkan bá ti kan, ìyẹn níbi tí ásíìdì pọ̀ sí, ó máa ń di mọ́ ásíìdì náà, kò sì lè kọjá awọ ẹnu. Tábà tí wọ́n sá nínú afẹ́fẹ́ lásán bí ti àtijọ́ wà níhà káún. Èéfín rẹ̀ ń ta ọ̀fun, ó ń mú ènìyàn wúkọ́ bó bá fà á wọlé, àmọ́ kò sí ìdí fún un láti fà á wọlé, nítorí pé ẹnu nìkan ti gba nikotíìnì tó tó. Ìdí nìyí tí a fi ń rí àwọn tó ń fa ìkòkò àti sìgá ńlá Kúbà tí wọ́n ń gbá èéfín sẹ́nu, tí wọ́n sì ń tú u jáde.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí gbogbo ayé máa fa èéfín sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ní láti kọ́kọ́ sọ èéfín náà di kíkan. Kò sí ẹni tó jókòó pète rẹ̀. Oorun ló fà á.

Alẹ́ kan nínú abà Slade

Ní ọdún 1839, ní ìjọba ìbílẹ̀ Káṣúẹ́ẹ̀lì ní Nọ́ọ̀tì Kàrólínà, ẹrú kan tó ń jẹ́ Stephen, tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ń ṣọ́ iná nínú abà tí olówó rẹ̀, Abisha Slade, fi ń sá tábà. Igi ìdáná ni wọ́n máa ń jó. Òru náà, oorun gbé Stephen lọ, nígbà tó sì jí, iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ẹ̀rù bà á, ó sáré lọ kó èédú nídìí ibi tí wọ́n ti ń jó èédú fún àgbẹ̀dẹ, ó sì dà á sórí ẹ̀ṣẹ́ná. Ooru ńlá gba abà náà lẹ́ẹ̀kan láìsí èéfín púpọ̀. Ewé tó yẹ kó di àwọ̀ ilẹ̀ wá pọ́n yẹ́ríyẹ́rí bíi wúrà. Owó rẹ̀ lọ́jà ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jìnnà. Stephen ló ṣe àwárí náà. Slade ló jèrè rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ewé náà rèé. Bí wọ́n bá já ewé tábà, kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó ń bá ìgbésí ayé rẹ̀ lọ, ó ń sọ sítáàṣì tó kó pamọ́ di ṣúgà, ó sì ń jẹ ṣúgà náà. Bí wọ́n bá fi kọ́ sínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, bí wọ́n ti ń ṣe látijọ́, ó máa ń jẹ ṣúgà náà tán kó tó gbẹ. Ewé tó jáde láti ibẹ̀ kò ní ṣúgà, èéfín rẹ̀ sì ń ta. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ooru wá ní àkókò tó yẹ, wọ́n lè pa ewé náà lẹ́yìn tí sítáàṣì ti di ṣúgà, tí kò sì tíì jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn Stephen, àwọn àgbẹ̀ fi ojú sùn ún títí ó fi di iṣẹ́ tó ní ìlànà. Èédú wọ́n, iná ìhòòhò sì ń jó abà, wọ́n wá ń gba ooru kọjá nínú ọ̀pá irin ńlá tó lọ yí ilẹ̀ abà ká, tí èéfín igi sì ń jáde síta. Fún bí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wọ́n á jẹ́ kí abà wà láàárín ìwọ̀n 32 sí 38 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí ó ní ọ̀rinrin, títí ewé yóò fi pọ́n. Bó bá ti pọ́n, wọ́n á gbé ooru sókè díẹ̀díẹ̀ sí nǹkan bí 55, kí pẹlẹbẹ ewé gbẹ. Níkẹyìn, wọ́n á gbé e dé nǹkan bí 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí igi àárín ewé lè gbẹ. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọ̀ ni alábòójútó fi ń mọ àṣìṣe: bó bá gbé ooru sókè kíákíá jù, ewé á gbẹ ní tútù, bó bá pẹ́ jù, ewé á ti jẹ ṣúgà rẹ̀, á sì di àwọ̀ ilẹ̀.

Ṣúgà tó kù nínú ewé yìí ló ń sọ èéfín di kíkan nígbà tó bá ń jó. Èéfín kíkan kò ta ọ̀fun, ó rọ̀, ó ṣe é fà wọlé. Ẹnu kò sì lè gba nikotíìnì inú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dé orí òun ní láti fà á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá tẹ́ inú gbogbo àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀, wọ́n á gba ilẹ̀ bíi mítà onígun mẹ́rin 70, ẹ̀jẹ̀ sì wà lẹ́yìn awọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jọjọ. Níbẹ̀, nikotíìnì ń wọ ẹ̀jẹ̀ láìka kíkan sí, ó sì ń dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí apá tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ti yára dé yìí ló mú kó di bárakú: ọpọlọ so ìfàmì kọ̀ọ̀kan mọ́ èrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ọjà ti mọ ewé aláwọ̀ wúrà yìí, ogun ló ràn án káàkiri. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ìhà méjèèjì pàgọ́ sí ẹ̀bá ìlú kékeré Dọ́ọ̀ráàmù nígbà tí ogun abẹ́lé ń parí. Wọ́n kó tábà aláwọ̀ wúrà inú ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n kọ lẹ́tà padà pé àwọn fẹ́ sí i.

Ẹ̀rọ Bonsack

Síbẹ̀, sìgá oníwèé ṣì wọ́n, ó sì kéré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wé e. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa lè wé tó 3,000 lóòjọ́. Owó ọwọ́ àwọn tó ń wé e ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń ná lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Allen àti Ginter ní Rísímọ́ǹdì wá kéde pé ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ tó lè wé sìgá yóò gba ẹ̀bùn 75,000 dọ́là.

James Bonsack, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Fàjíníà tí bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ òwú àgùtàn, ṣe é, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1881. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé kò gbìyànjú láti wé ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan bí ọwọ́ ènìyàn. Ẹ̀rọ náà ń da tábà wíwẹ́ sórí ọ̀já pépà gígùn tí kò lópin. Ọ̀já náà ń gba inú ihò kan tó ń ká a yí tábà ká, gọ́ọ̀mù á lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì di ọ̀pá sìgá kan ṣoṣo tó ń jáde láìdúró. Ọ̀bẹ tó ń yí ló wá ń gé e sí wẹ́wẹ́. Ó lè ṣe bí 120,000 láàárín wákàtí mẹ́wàá, iṣẹ́ ogójì ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ó ń dí, ó ń já, ó ń dúró. Allen àti Ginter dán an wò, wọ́n sì dá a padà. Ẹni tó gbà á ni James Duke, ọmọ àgbẹ̀ tábà kan ní Dọ́ọ̀ráàmù. Mẹkáníìkì rẹ̀, William O'Brien, dúró tì í títí ó fi ṣiṣẹ́ láìdúró ní 1884. Duke bá àwọn onílé ẹ̀rọ náà ṣe àdéhùn pé owó tí òun yóò máa san lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Ní nǹkan bí àkókò náà ni ìjọba Amẹ́ríkà dín owó orí ẹgbẹ̀rún sìgá kù láti 1.75 dọ́là sí 50 sẹ́ǹtì. Duke ta sìgá mẹ́wàá ní sẹ́ǹtì márùn-ún.

Ìṣòro tuntun wá yọ. Ẹ̀rọ díẹ̀ péré lè ṣe ju gbogbo sìgá tí Amẹ́ríkà ń fà lọ. Duke ní láti wá ẹnu tí yóò fà á. Ó fi páálí líle sínú àpò sìgá kó má baà tẹ̀, ó sì tẹ àwòrán àwọn òṣèré obìnrin àti eléré ìdárayá sí i, kí àwọn ọmọdékùnrin lè máa kó wọn jọ. Ní ọdún 1889 nìkan, ó ná 800,000 dọ́là lórí ìpolówó ọjà. Ọdún kejì rẹ̀, ó so àwọn abánidíje rẹ̀ mẹ́rin pọ̀ mọ́ tirẹ̀ sábẹ́ orúkọ Ilé Iṣẹ́ Tábà Amẹ́ríkà, ó sì jẹ gàba lórí gbogbo ọjà náà títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi tú u ká ní 1911. Ní 1902, òun àti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá díje pín ayé láàárín ara wọn, wọ́n sì dá Ilé Iṣẹ́ Tábà Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ yòókù. Ilé iṣẹ́ yìí ló wá kọ́ ibi ìṣesìgá sí Òṣogbo ní 1933 àti sí Ìbàdàn ní 1937, tí oko tábà sì gba ìhà Òkè-Ògùn.

Ní 1913, ilé iṣẹ́ Reynolds gbé Ràkúnmí jáde, ogún ẹyọ ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Ó po ewé aláwọ̀ wúrà pọ̀ mọ́ ewé Tọ́kì àti ewé bọ́ọ̀lì, tó jẹ́ ewé afẹ́fẹ́ tí kò ní ṣúgà ṣùgbọ́n tó ń mu nǹkan bíi kànrìnkàn. Ewé bọ́ọ̀lì ta, ó sì pọ́ọ́kú. Wọ́n wá ń fi ṣúgà àti àwọn nǹkan amóhundùn rin ín títí èéfín rẹ̀ fi rọ̀. Ohun tí àwọn ará Bàháyà fi oje ìrèké ṣe fún ìkòkò ni ilé iṣẹ́ yìí ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì rẹ̀, sìgá sì wọ inú oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún ọmọ ogun. Ní 1900, sìgá tí àgbàlagbà Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan ń fà lọ́dún, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 54. Ní 1963, ó di 4,345.

Ìṣirò tó pẹ́ kó tó dé

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í yára dé. Ó máa ń gba ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n kí ọ̀dà inú èéfín tó ba ara jẹ́ dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí Adler kò fi rí i ní 1912, tí ojú gbogbo ènìyàn sì fi là lẹ́yìn ọdún 1940. Nígbà náà, àwọn kan ń fi ẹ̀sùn kan èéfín mọ́tò, àwọn mìíràn ń fi kan ọ̀dà ojú títì.

Àwọn olùwádìí Gẹ̀ẹ́sì méjì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, lọ sí ogún ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá aláìsàn mìíràn tí ọjọ́ orí wọn jọra, tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àmọ́ tí àìsàn rẹ̀ yàtọ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi àwọn méjèèjì lórí tábà. Nínú ọkùnrin 649 tó ní jẹjẹrẹ náà, méjì péré ni kò fa tábà rí. Nínú 649 tí kò ní in, 27 ni. Ìyàtọ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré létí, nítorí pé gbogbo ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń fa tábà. Ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ojú ti pẹ́ kó tó rí i. Bí iye sìgá tí ènìyàn ń fà lójúmọ́ bá ṣe ń pọ̀ tó ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ tó. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní 1950, ọdún kan náà tí Wynder àti Graham tẹ irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, Luther Terry, olórí àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà, sọ ọ́ lórúkọ ìjọba.

Àwọn ilé iṣẹ́ kò dákẹ́. Wọ́n fi asẹ́ sẹ́nu sìgá. Láàárín 1952 sí 1956, asẹ́ tí wọ́n fi sẹ́nu sìgá Kẹ́ńtì ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, òun náà ń fa jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n lu ihò wínníwínní sára asẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè la èéfín, wọ́n ní sìgá fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Àwọn tó ń fà á wá ń fà á jinlẹ̀ sí i tàbí kí ìka wọn dí ihò náà, nítorí pé ọpọlọ mọ iye nikotíìnì tó ń béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn yìí gbé aáṣáà tàbí ìkòkò lárugẹ. Tábà inú ẹnu ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ìkòkò ń fa ti ètè àti ọ̀fun. Ohun tí ìtàn fi hàn ni ibi tí ìparun ńlá náà ti wá: èéfín tó rọ̀ ọ̀fun, owó pọ́ọ́kú àti ìpolówó pàdé ara wọn.

Ìdí nìyí tí òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí tábà ní 2015 fi ń lépa gbogbo ohun tí Duke tò jọ. Owó orí tó dín kù ló ràn án lọ́wọ́. Owó orí ni àwọn ìjọba ń gbé sókè báyìí. Ìpolówó ló fi wá ẹnu tí yóò fa sìgá rẹ̀; òfin dín ìpolówó kù gidigidi. Òfin tún ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ, àfi páálí ogún, nítorí ẹyọ kan ni ọmọ tí kò lówó lè rà. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró ní ìdíkọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìgboro mọ̀ pé ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ṣì ń tà, pẹ̀lú iná tí wọ́n so rọ̀ níwájú ìsọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tanná sí i. Ibi tí òfin tábà kù sí nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọmọ ilé ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀.